Ṣé o mọ̀? Gbogbo wọn ń lọ sí òdo, àmọ́ wọn kì í jọ dé

Gbé fóònù rẹ. Ṣí ẹ̀rọ ìṣirò inú rẹ̀. Tẹ 0.5. Tẹ × 0.5, ó di 0.25. Tún tẹ × 0.5, ó di 0.125. Máa bá a lọ. Nígbà tí 0.5 bá fi máa pé méje, 0.0078125 ni o máa rí. Ó ti bọ́ sábẹ́ 0.01!

Méje péré o.

Ó yá, fi 0.9 dán an wò. Tó bá pé méje, 0.478 ló ṣì wà. Kò tíì rìn jìnnà rárá. Ó di ìgbà tí 0.9 bá pé 44 kó tó bọ́ sábẹ́ 0.01.

0.99 ńkọ́? 459!

0.999 ńkọ́? 4,603!

0.9999? 46,050! Ṣé o ń wò ó? Bí a bá ti fi 9 kan péré kún un lẹ́yìn, ìdúró náà á di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá.

Mú 0.999999, tó jẹ́ pé ìdá kan nínú mílíọ̀nù ló fi kéré sí 1. Ìgbà 4,605,168 ni. Bí o bá ń tẹ fóònù ní ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láìsùn, láìjẹun, ó máa ju ọjọ́ 53 lọ.

Àmọ́ ó máa dé ṣá. Ìyẹn ni kí o fi sọ́kàn. Bó ti wù kó pẹ́ tó, ó máa bọ́ sábẹ́ 0.01, kò sì ní jáde níbẹ̀ mọ́.

Ṣé o fẹ́ mọ iye ìgbà náà láìtẹ fóònù títí ilẹ̀ á fi mọ́? Tẹ log(0.01) ÷ log(0.99) sórí ẹ̀rọ ìṣirò. 458.2 ló máa gbé jáde. Nọ́ńbà odidi tó tẹ̀ lé e ni 459. Fi nọ́ńbà tó bá wù ọ́ rọ́pò 0.99, bó bá ṣáà ti ju òdo lọ tó sì kéré sí 1. Ó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn.

Ohun tí o ń ṣe láti ẹ̀ẹ̀kan yìí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń kọ báyìí: xⁿ. x ni nọ́ńbà tí o mú. n ni iye ìgbà tí o kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó fi àmì × so wọ́n pọ̀. A ó mú x láti 0 títí dé 1. 0 fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, 1 fúnra rẹ̀ náà wà nínú rẹ̀.

Òdo kò ní wàhálà. Òdo ló bẹ̀rẹ̀, òdo ló ń jẹ́ lọ.

1 ńkọ́? 1 × 1 × 1 × 1... 1 ni. Kí n di ọgọ́rùn-ún, 1 ni. Kí n di mílíọ̀nù, 1 náà ni. Kò mira rárá!

Nítorí náà, bí n ṣe ń pọ̀ sí i láìlópin, gbogbo nọ́ńbà láàárín 0 àti 1 ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí òdo, àyàfi 1 nìkan tó dúró sójú kan. Bí o bá bi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pé níbo ló ń lọ, olúkúlùkù á dáhùn láìkólòlò. Ìyẹn là ń pè ní ìsúnmọ́ olúkúlùkù: a gba x kan, a tẹjú mọ́ òun nìkan, a sì wo ibi tó ń lọ bí n ṣe ń pọ̀ sí i.

xⁿ yege nínú ìdánwò yìí. Ó gba máàkì pípé!

Àmọ́ ìdánwò kejì wà. Orúkọ rẹ̀ ni ìsúnmọ́ àjùmọ̀. Níbẹ̀, a kì í bi ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà là ń bi pé: ṣé n kan ṣoṣo wà, tó jẹ́ pé tí a bá ti dé ibẹ̀, gbogbo yín pátá ti wà ní ìtòsí ibi tí ẹ ń lọ, tí ẹ kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́?

Fojú inú wo àwọn ará ọjà tó ń rẹlé ní ìrọ̀lẹ́. Olúkúlùkù ló máa délé. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà á tètè dé, ẹni tó ń gbé lókèèrè á pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n bí ilé tó jìnnà kò bá lópin, tí ẹnì kan ṣáà wà tó ń gbé jìnnà ju ẹni tó jìnnà jù tí o mọ̀ lọ, kò sí aago kan tí o lè tọ́ka sí kí o ní gbogbo wọn ti wọlé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí xⁿ gan-an nìyẹn. Kò yege ìdánwò kejì. Kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn!

Ṣé o rò pé o lè bá a dúnàádúrà? Jẹ́ kí a wò ó. Ìwọ mú n, kí èmi wá x.

O ní n jẹ́ 10? Mo mú 0.933. Fi í lu ara rẹ̀ títí yóò fi pé mẹ́wàá. Nǹkan bí 0.5 ló máa jẹ́. Ó ṣì wà ní àárín ọ̀nà!

O ní 100? Mo mú 0.9931. 0.5 náà ni.

O ní 1,000? 0.99931. O ní mílíọ̀nù kan? 0.9999993. Nǹkan bí 0.5 ni gbogbo wọn ń jẹ́!

Bí mo ṣe ń rí wọn kò ṣòro. Tẹ 0.5^(1÷n) sórí ẹ̀rọ rẹ, kí o fi nọ́ńbà rẹ sí ipò n. Ohun tó bá jáde ni ẹni tó máa dúró sí 0.5 gẹ́lẹ́ ní ìgbà tí o yàn yẹn.

Ìwọ ló yàn ṣáájú, èmi ni mo sì ń jàre. Ní gbogbo ìgbà!

Dúró ná. Ta ní ní kí n dúró sí 0.5? O ní n jẹ́ 1,000, mo lè mú 0.99999. Èsì rẹ̀ jẹ́ 0.99005. Ó kù díẹ̀ kó tó 1, bẹ́ẹ̀ òdo ni a ní ó ń lọ!

Kí n mú 0.999999 fún n kan náà? Á jẹ́ 0.999. Mo lè fi 9 kún un, kí n tún fi 9 kún un, kí n máa súnmọ́ 1 bó ti wù mí.

Gbọ́ èyí tó ga ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mú n kan, èyíkéyìí. Fún x kọ̀ọ̀kan, wọn àlàfo tó wà láàárín ibi tó wà báyìí àti ibi tó ń lọ. Báwo ni àlàfo tó tóbi jù ṣe lè tóbi tó? 1 ni! Nígbà tí n jẹ́ 1, ó jẹ́ 1. Nígbà tí n jẹ́ 100, ó jẹ́ 1. Nígbà tí n jẹ́ bílíọ̀nù, 1 náà ni. Kò fi ìka kan dín kù.

Ẹ̀yà tó jọ mí lójú jù níbẹ̀ nìyí: kò sí x kan ṣoṣo tó ní àlàfo 1 gan-an. Àwọn tó kéré sí 1 ń súnmọ́ àlàfo náà, wọn kì í fọwọ́ kàn án. 1 fúnra rẹ̀ kò sì ní àlàfo kankan, torí ibi tó ń lọ ló ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Gíga tí ẹnikẹ́ni kò dé, síbẹ̀ òun ni òṣùwọ̀n fún gbogbo wọn!

Fún ìsúnmọ́ àjùmọ̀, àlàfo tó tóbi jù yìí gbọ́dọ̀ máa lọ sí òdo. Ti xⁿ wà lójú 1, ó jókòó síbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé kí ló bàjẹ́ gan-an, nọ́ńbà yìí ni kí o kọ́kọ́ fi hàn án.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lè tàn ọ́ jẹ níbí?

Mú nọ́ńbà 11: 0, 0.1, 0.2, títí dé 0.9, kí o fi 1 parí rẹ̀. Fi n sí 44. Wo èsì wọn. Mẹ́wàá nínú wọn ti bọ́ sábẹ́ 0.01, 1 sì wà láàyè rẹ̀. Gbogbo wọn ti dé! O lè fò sókè kí o kígbe pé ìsúnmọ́ àjùmọ̀ nìyí.

Má tíì kígbe. Yọjú wo àárín 0.9 àti 1. 0.99 wà níbẹ̀, ní 0.64!

O ní kí a mú nọ́ńbà púpọ̀ sí i? Ó dáa. Mú 1,001, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ 0.001. Fi n sí 4,603. 1,000 nínú wọn ti wà lábẹ́ 0.01, 1 sì wà níbi tó ń lọ. Ó tún pé pérépéré!

Yọjú wo àárín 0.999 àti 1. 0.9999 wà níbẹ̀, ní 0.63.

Bó o bá mú mílíọ̀nù nọ́ńbà, bákan náà ni yóò rí. Iye nọ́ńbà tó bá níye, bó ti wù kó pọ̀ tó, máa ń jọ dé lọ́jọ́ kan, torí ẹni tó pẹ́ jù nínú wọn ní ìgbà tirẹ̀. Àwọn tó ń dá wàhálà sílẹ̀ máa ń fara pa mọ́ sáàárín nọ́ńbà tó kẹ́yìn ṣáájú 1 nínú tábìlì rẹ àti 1. Ojú tábìlì kò lè rí wọn láé.

Ó dáa, o lè ní 1 ni alárèékérekè. Òun nìkan ló ń lọ síbi ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kí a lé e jáde!

Ó yá, a ti lé e. Ó ku gbogbo nọ́ńbà láti 0 sókè, tí kò dé 1. Ní báyìí gbogbo wọn ń lọ sí òdo, láìku ẹnì kan. Kò sí ọlọ̀tẹ̀ mọ́. Ibi tí wọ́n ń lọ tẹ́jú lọ gbọọrọ.

Wàyí o, àlàfo tó tóbi jù ńkọ́?

1 ṣì ni!

Kò yí padà rárá. Rántí pé 1 fúnra rẹ̀ kò ní àlàfo kankan láti ìbẹ̀rẹ̀. Lílé tí a lé e kò yọ nǹkan kan kúrò nínú ìṣòro náà. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló ń jẹ́ ẹjọ́, wọ́n sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ibí yìí máa ń ṣì lọ́nà. Wọ́n á ní nítorí pé ìlà ibi tí wọ́n ń lọ já ní 1 ni ìsúnmọ́ àjùmọ̀ fi kùnà. Wàyí ìlà náà kò já níbì kankan, ó sì kùnà bákan náà!

Nísinsìnyí, dípò kí o lé ẹnì kan, gé ègé kékeré kan kúrò. Gé gbogbo ohun tó ju 0.99 lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ní n = 459, gbogbo wọn ti wà lábẹ́ 0.01, láìku ẹyọ kan! 0.99 ni adélẹ́yìn láàárín wọn, bí òun bá sì ti dé, gbogbo àwọn tó kù ti dé ṣáájú.

Ègé náà lè kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gé ohun tó ju 0.999999 lọ, ègé tó tinrín tí ojú kò fi lè rí i lórí ìwé. 4,605,168 ni n tó máa tó fún gbogbo àwọn tó kù.

Nítorí náà, yíyọ 1 nìkan kò wo nǹkan kan sàn. Yíyọ ègé tó kéré jù lọ láyé, bó bá ṣáà ti ní fífẹ̀ díẹ̀, ó wò ó sàn pátápátá!

Ṣé o mọ̀ pé o lè mọ̀ pé xⁿ kò yege láìtilẹ̀ mọ ibi tó ń lọ?

Fi n àti ìlọ́po méjì rẹ̀ wéra. Fún x kan náà, yọ x²ⁿ kúrò nínú xⁿ. Bí gbogbo wọn bá ń jọ súnmọ́ ibi kan, ìyàtọ̀ yìí gbọ́dọ̀ máa kéré sí i, kó sì kéré níbi gbogbo.

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù níbẹ̀ jẹ́ 0.25 gẹ́lẹ́. Fún n èyíkéyìí!

Wo 10 àti 20. Nọ́ńbà wa àtijọ́, tí 0.933 súnmọ́, ń jẹ́ 0.5 ní n = 10. Ní n = 20, ó di 0.5 × 0.5, ìyẹn 0.25. 0.5 yọ 0.25, ó ku 0.25. Wo mílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù méjì: x yí padà, ìṣirò rẹ̀ kò yí padà. 0.5 yọ 0.25, ó ku 0.25.

Fi n wé ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀, ìyàtọ̀ náà ń tó nǹkan bí 0.7. Fi í wé ìlọ́po ẹgbẹ̀rún rẹ̀, ó ń lé ní 0.99! Bí o ṣe ń wò ó lókèèrè tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jìnnà síra wọn tó.

Wá wo ìlà rẹ̀ wàyí. Fa ìlà xⁿ sórí ìwé, láti 0 dé 1. Nígbà tí n jẹ́ 1, ìlà tó dagun ni, ó gba àárín lọ sókè. Nígbà tí n jẹ́ 10, ó ń rákò nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó gbéra. Nígbà tí n jẹ́ 100, ilẹ̀ ló sùn sí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin, ó wá dìde fùú! Ní 1, ìdàgẹ̀rẹ̀ ìlà náà jẹ́ n gan-an. Mílíọ̀nù ni fún n = mílíọ̀nù.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó já. O lè fà á láìgbé bírò kúrò lórí ìwé, kí n jẹ́ iye tó bá wù ú.

Ibi tí wọ́n ń lọ já! Òdo, òdo, òdo, títí, lójijì 1. O gbọ́dọ̀ gbé bírò rẹ kí o tó lè fi àmì tó kẹ́yìn síbẹ̀.

Ìlà àìlópin tí kò já, ibi tí wọ́n ń lọ sì já! Bí ìsúnmọ́ àjùmọ̀ bá wà ni, èyí kò lè ṣẹlẹ̀ láé. Ìsúnmọ́ àjùmọ̀ máa ń dáàbò bo ìlà tí kò já. Ìsúnmọ́ olúkúlùkù kì í ṣèlérí bẹ́ẹ̀.

Ó tún ní ojú mìíràn. Kọ́kọ́ gbé x lọ sí 1, kí o tó jẹ́ kí n pọ̀ láìlópin. 1 ni o máa rí. Yí i padà: kọ́kọ́ jẹ́ kí n pọ̀ láìlópin, kí o tó gbé x lọ sí 1. Òdo ni o máa rí. Iṣẹ́ méjì kan náà, x kan náà, n kan náà. Èyí tí o bá kọ́kọ́ ṣe ló ń pinnu bóyá 1 ni tàbí òdo!

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ìṣirò tó tóbi jù lọ ní Faransé kọ ọ́ sínú ìwé pé irú èyí kò lè ṣẹlẹ̀?

Augustin-Louis Cauchy ni. Ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jáde ní Paris ní 1821. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí o bá ro àwọn ìlà tí kò já pọ̀ láìlópin, tí ìròpọ̀ náà sì ń lọ síbì kan, ibi tó ń lọ náà kò ní já.

Ẹ̀wẹ̀, ro èyí pọ̀ ná: x, kí o fi (x² − x) kún un, kí o fi (x³ − x²) kún un, kí o fi (x⁴ − x³) kún un, kí o máa bá a lọ. Ìlà kọ̀ọ̀kan tí o ń fi kún un kò já. Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: x tó wà níwájú pa −x tó tẹ̀ lé e, x² pa −x², x³ pa −x³. Lẹ́yìn ìlà n, xⁿ nìkan ló ṣẹ́ kù! Ìròpọ̀ náà ń lọ sí ìlà tó já ní 1. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ka gbólóhùn Cauchy lónìí, xⁿ kékeré yìí ti borí rẹ̀.

Ní 1826, Niels Henrik Abel, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Norway, fi ìròpọ̀ mìíràn hàn tó tako gbólóhùn náà. Inú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé ló fi í sí!

Karl Weierstrass ti ń lo èrò ìsúnmọ́ àjùmọ̀ nínú iṣẹ́ kan tó kọ ní Münster ní 1841. Ọdún wo ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde? 1894! Ọdún 53 ló fi wà nílẹ̀.

Cauchy fúnra rẹ̀ padà sórí ọ̀rọ̀ náà ní 1853, ó sì fi ohun tó kù kún un. Ohun tó fi kún un ni pé n kan gbọ́dọ̀ tó fún gbogbo x lẹ́ẹ̀kan náà.

Ará Itálì kan náà tún wà, Ulisse Dini, ní Pisa. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1878, ó fi hàn pé nígbà mìíràn, ìsúnmọ́ olúkúlùkù máa ń di ìsúnmọ́ àjùmọ̀ fúnra rẹ̀, láìsí pé a ṣe nǹkan kan! Ó béèrè ohun mélòó kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ já. Bí n ṣe ń pọ̀, ìlà náà gbọ́dọ̀ máa wálẹ̀ ní gbogbo x láìpadà sókè, tàbí kó máa lọ sókè láìpadà wálẹ̀. Ààyè tí x wà gbọ́dọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, kí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin náà sì wà nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń lọ náà kò gbọdọ̀ já.

Fi xⁿ dán an wò láti 0 dé 1. Ìlà tí kò já? Ó ní i. Wíwálẹ̀ láìpadà sókè? Ó ní i. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin? Ó ní méjèèjì. Ibi tí wọ́n ń lọ? Ó já. Ó ku ẹyọ kan!

Lé 1 jáde, kí o tún un ṣe. Ní báyìí ibi tí wọ́n ń lọ kò já mọ́. Àmọ́ òpin ti kúrò nínú ààyè náà. Ó tún ku ẹyọ kan!

Bí o bá tún èkíní ṣe, èkejì á bàjẹ́. Ìgbà tí o bá gé ègé kan kúrò nìkan ni gbogbo rẹ̀ máa ń pé.

O lè rò pé gbogbo nǹkan ló bàjẹ́ wàyí. Ó tì o!

Wọn ààyè tó wà lábẹ́ ìlà xⁿ, láti 0 dé 1. Ìdá kan nínú n+1 ni. Fún n = 9, 0.1 ni. Fún n = 99, 0.01 ni. Fún n = 999, 0.001 ni. Ó ń lọ sí òdo.

Wọn ààyè tó wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ń lọ. Òdo ni, torí àmì ẹyọ kan tó ga ní 1 kò ní fífẹ̀ kankan. Òdo àti òdo, wọ́n bára mu!

Àlàfo gíga 1 ṣì wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ga ń tinrín sí i, ó ń tinrín sí i, títí ààyè abẹ́ rẹ̀ fi parẹ́. Èmi gbà pé èyí ló dùn jù nínú gbogbo ìtàn xⁿ: ìsúnmọ́ àjùmọ̀ kùnà pátápátá, ìlà já, ààyè sì yege.

Ṣé o wá rò pé ààyè máa ń yege nígbà gbogbo?

Mú xⁿ yẹn, fi (1 − x) lù ú. Ní báyìí 1 fúnra rẹ̀ náà ń jẹ́ òdo, torí 1 − 1 jẹ́ òdo. Ibi tó ga jù lórí ìlà tuntun náà jẹ́ 0.035 nígbà tí n jẹ́ 10, ó sì ń lọ sí òdo bí n ṣe ń pọ̀. Ìsúnmọ́ àjùmọ̀ nìyẹn, ó ti yá!

Wá fi n × n lù ú pẹ̀lú. n²xⁿ(1 − x). Mú x kan ṣoṣo kí o máa wò ó: ó lè kọ́kọ́ ga, àmọ́ ó máa padà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí òdo. Ní 0.5, ó ti di 0.049 nígbà tí n jẹ́ 10. Ní 0, òdo. Ní 1, òdo. Gbogbo x láti 0 dé 1 ló ń lọ sí òdo, láìku ọ̀kan, ìlà tí wọ́n ń lọ kò sì já níbì kankan.

Ṣùgbọ́n wo orí òkè rẹ̀! Fún n = 10, ó ga tó 3.5. Fún n = 100, ó ga tó 36.6. Fún n = 1,000, ó ga ju 367 lọ! Kò dúró sójú 1 bíi ti xⁿ, ó ń gùn sí i láìlópin.

Ààyè abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? 0.76 fún n = 10. 0.97 fún n = 100. 0.997 fún n = 1,000. Ó ń lọ sí 1! Ààyè abẹ́ ibi tí wọ́n ń lọ sì jẹ́ òdo gbáà, torí òdo ni gbogbo wọn ń lọ.